Lẹ́tà Ìyá Àgbà sí Àṣàkẹ́

Kétu, Bẹ̀nẹ̀, 8 Oṣù Kọkànlá 2025

Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

O kú ojú òtútù o. Ṣé àlàáfíà lo wà ní Líyọ̀n? Ara tèmi le, àfi orúnkún, òun náà sì ti di ará ilé. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ. Gaàrì àti irú wà lọ́wọ́ ẹni tó mú lẹ́tà yìí wá. Tètè gbé irú náà sínú fíríìjì kí àwọn tí ẹ jọ ń gbélé má baà sá jáde.

Ó dọ́wọ́ ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá o kọ̀wé sí mi lórí Wasáàpù pé: "Mama agba, mo ti ra oko." Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, kò sí àmì lókè, kò sí nísàlẹ̀. Mo gbé awò sójú. Ọkọ́ lo rà ni? Ebè wo lo fẹ́ kọ láàárín ìlú òyìnbó? Àbí oko gan-an? Bó bá jẹ́ ọ̀kọ̀, ta ló bí ọ nínú? Àbúrò rẹ ló wò ó tó ní ọkọ̀ ni, mo sì gbàdúrà fún un. (Èyí tó kù tí o ń fi rẹ́rìn-ín yẹn, mi ò bi ọ́.)

Mo pè ọ́ níjà. Ìdíje àdììtú ọ̀rọ̀, èmi pẹ̀lú rẹ, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ní alẹ́ Sátidé, aago mẹ́jọ, èmi yóò fi mẹ́ta tàbí mẹ́rin ránṣẹ́. Ìwọ yóò dáhùn kí aago mẹ́jọ alẹ́ Sọ́ńdè tó lù. Ọ̀sẹ̀ kejì, ìwọ ni yóò bi mí. Aago wa dọ́gba báyìí. Tí ẹ bá sún tiyín síwájú ní ìparí oṣù kẹta, aago Kétu la ó máa tẹ̀ lé. Èmi ni mo dàgbà jù.

Kọ ìdáhùn rẹ pẹ̀lú àmì ohùn. Fi Yorùbá sínú bọ́tìnnì fóònù rẹ, àbúrò rẹ fi sí tèmi, kò gbà ju kí n fi obì sẹ́nu lọ. Tí o bá fẹ́ ɛ àti ɔ bíi ti ìwé ìjọba wa níbí, tàbí ẹ àti ọ bíi ti àwọn ará Nàìjíríà, mo gbà, ṣùgbọ́n má po wọ́n pọ̀. Máàkì méjì ni ìdáhùn tó pé. Tí àmì bá ṣì, ọ̀kan. Àlọ́ àpamọ̀ nìkan ni n ó máa fi ohùn rán, torí àlọ́ tí a kò gbọ́ "Ààlọ́ o!" lórí rẹ̀ kò dùn.

O lè ní kí ni mo ń wá kiri ní ọjọ́ orí mi. Ṣé o rántí òru Ẹ̀fẹ̀, tí wọ́n máa ń kọrin kí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó jáde lọ́sàn-án? Ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ ni Ẹ̀fẹ̀ fi ń bú èèyàn. Ẹni tí kò gbọ́ ọ yóò máa rẹ́rìn-ín lẹ́yìn gbogbo ayé. Yunẹ́sikò ti kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ogún àtẹnudẹ́nu aráyé láti 2001, ó dáa, ṣùgbọ́n èmi fẹ́ kí ọmọ mi rẹ́rìn-ín lásìkò tí gbogbo agboolé ń rẹ́rìn-ín.

Tí oṣù bá parí tí o borí, n ó ka ẹsẹ kan nínú oríkì ilé wa sínú fóònù fún ọ, èyí tí bàbá rẹ pàápàá kò mọ̀. Tí mo bá borí, ìwọ lo máa ra mẹ́gà íńtánẹ́ẹ̀tì mi.

Ti àkọ́kọ́ nìyí. Sátidé tó ń bọ̀ ni ì bá jẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ ń yún mi:

Fi àmì sí i: "Oko iya gbe oko sinu oko lo si oko."

To lẹ́tà wọ̀nyí di ohun tí à ń lọ̀ ṣe ògì: o, gb, a, d, a. Ẹyọ kan ni gb, má là á sí méjì.

Mú ajá dé òjò. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni kí o yí padà lẹ́ẹ̀kan, ọ̀rọ̀ gidi sì ni kó wà láàárín. Mi ò ka ohùn sí nínú èyí. Má gbé ọjà wá bá mi o, ọ kì í ṣe o.

Ogun wá, ó bá mi lójú ọ̀nà. Mi ò lẹ́sẹ̀, mi ò kúrò níbẹ̀. Àlejò ń ti ọ̀nà jíjìn wá wò mí ní Kétu. Ọ̀rọ̀ méjì ni orúkọ mi: A ló bẹ̀rẹ̀ èkínní, I ló bẹ̀rẹ̀ èkejì.

Má pe bàbá rẹ láti bi í. Mo ti kìlọ̀ fún un.

Èmi ni,
Ìyá àgbà rẹ