Fáànù yín ò pé: ohun tó ṣẹlẹ̀ ní pọ́ọ̀tù, àti bí a ṣe fẹ́ pín èyí tó wà nílẹ̀

Ẹ kú ooru yìí o, ẹ̀yin oníbàárà wa n'Ógbómọ̀ṣọ́, l'Ọ́yọ̀ọ́, l'Ókò, n'Írẹsà, àti ẹ̀yin ọmọ LAUTECH tẹ́ ẹ wà ní Under G àti Adénìkẹ́. Èmi Ìyá Ìbejì ni, ní ṣọ́ọ̀bù Tákíé. Mo mọ̀ pé láti ọjọ́ Ajé lẹ ti ń pè wá, àwọn ọmọ tó ń gbé fóònù sì ń sọ fún yín pé lọ́la, lọ́la. Mo ti ní kí wọ́n má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́, torí kì í ṣòótọ́, ẹ má bínú.

Bó ṣe rí gan-an nìyí: fáànù oníbátìrì tẹ́ ẹ ti sanwó ẹ̀ jẹ́ 118, 54 péré ló wà nílẹ̀. Gílóòbù oníbátìrì ò tiẹ̀ ku ẹyọ kan. Bùlẹ́ńdà pé, kúlà pé, fúláàsì náà pé, ẹni tó bá jẹ́ ìyẹn nìkan ló rà lọ́wọ́ wa, ọjà yín á dé bá yín lọ́sẹ̀ yìí, ẹ ò nílò kẹ́ ẹ ka ìyókù.

Kọntéénà tó kó fáànù àti gílóòbù yìí, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù kejì ló yẹ kí wọ́n já a. Ọkọ̀ ojú omi tó gbé e wá dé Èkó lóòótọ́, àmọ́ kò ráyè wọlé, ojú òkun ló wà fún ọjọ́ 16 tó ń dúró kí ààyè ṣí sílẹ̀ fún un. Ìgbà tí wọ́n wá já a, àwọn kọntéénà mí ì ti wà lórí tiwa, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé àwọn yẹn kúrò kí wọ́n tó lè fà á síbi tí wọ́n ti ń yẹ ẹrù wò. Bí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò tán, tí ìwé owó kọ́sítọ́ọ̀mù bá ti pé, ó tún ku kí tírélà tó máa gbé e gba àyè tiẹ̀, torí tírélà ò kàn lè ṣàdédé wọ pọ́ọ̀tù mọ́, àfi kí wọ́n pè é. Gbogbo ẹ̀ ló lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ọ̀kan ò sì lè ṣáájú èkejì. Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ ti ń ṣòwò tipẹ́ ẹ rántí ti sìmẹ́ǹtì ní 1975, tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ tò sójú omi Èkó tí wọn ò ríbi já ẹrù sí, ti wa ò tó ìyẹn, àmọ́ ohun kan náà ni, ẹrù ti dé ẹnu ọ̀nà, kò rọ́nà wọlé.

Èyí tá a dé báyìí ni pé wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò lánàá, ajẹ́ńtì wa fi fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́, ẹrù pé kò sì bàjẹ́. Ó ku ìwé àti tírélà. Ajẹ́ńtì ní ọjọ́ mẹ́wàá, èmi ń ro ti ọ̀nà náà mọ́ ọn, ọjọ́ 27 oṣù yìí ni mo ń wò. Mi ò búra o. Ọjọ́ tó bá kúrò ní pọ́ọ̀tù, màá sọ fún yín lọ́jọ́ náà.

Àwọn kan ní kí n lọ rà á l'Álàbà kí n fi dí i. Mo lọ. Èyí tí mo rí, lójú ó jọ tiwa, àmọ́ bátìrì inú ẹ̀ kéré, a tàn án lójú ara wa, kò lò tó wákàtí mẹ́ta tó fi kú. Ẹ̀yin sanwó èyí tó ń di ilẹ̀ mọ́. Mi ò lè gbé ìyẹn fún yín kí n máa pè é ní ọjà kan náà.

Torí náà, ohun tá a fẹ́ ṣe ni pé ká pín 54 tó wà nílẹ̀, kí gbogbo ilé rí nǹkan fẹ́ sára kí ìyókù tó dé. Ẹni 22 ló ra ẹyọ kọ̀ọ̀kan, àwọn yẹn á gba tiwọn pé, torí ẹyọ kan ò ṣe é dá sí méjì. Ìyókù jẹ́ páálí 32 tí ẹ̀yin onípáálí rà, fáànù 3 ló wà nínú páálí kan, a ó tú u, páálí kan a ó fún yín ní ẹyọ kan báyìí, ẹni tó ra páálí mẹ́rin á gba mẹ́rin, mẹ́jọ á wá kù. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tún un tà l'Árẹ̀mọ àti ní Sábó máa sọ pé ó kéré, ó kéré lóòótọ́, àmọ́ bí mo bá ní kí ẹni tó kọ́kọ́ dé kó gbogbo ẹ̀ lọ, ẹni tó wà l'Ọ́yọ̀ọ́ ò ní rí ẹyọ kan, owó ẹ̀ sì ti wà lọ́wọ́ mi láti oṣù kìíní.

Ẹni tí ò bá fẹ́ gbà á díẹ̀díẹ̀ lè ní òun á dúró kí gbogbo ẹ̀ dé pọ̀, nọ́ńbà yín lórí ìwé ò ní yẹ̀, ẹ̀yin la máa kọ́kọ́ kó fún. Ẹni tó bá sì fẹ́ gba owó ẹ̀ padà, yálà gbogbo ẹ̀ tàbí ti èyí tó kù, kó sọ ọ́, a ó san án sí àkáǹtì tó fi sanwó láàárín ọjọ́ méjì tí báńkì bá ṣí. Ẹ má tijú láti béèrè, owó yín ni. Àwọn tó ra gílóòbù, ìdúró tàbí owó ni tiyín, torí kò sóhun tá a lè pín níbẹ̀.

Owó ọkọ̀, ẹ̀ẹ̀kan tẹ́ ẹ ti san náà ti tó. Ìgbà kejì tá a bá máa gbé ìyókù wá, èmi ni màá san án. Bẹ́ẹ̀ náà ni owó tí wọ́n ń bù lé wa lórí pé ẹrù pẹ́ nílẹ̀ ní pọ́ọ̀tù, mi ò ní fi lé ọjà yín, iye tó wà lórí rìsíìtì yín náà ni.

Kẹ́ ẹ fèsì lórí Wasáàpù ṣọ́ọ̀bù, ẹ kọ orúkọ tó wà lórí rìsíìtì, kẹ́ ẹ wá kọ PÍN, DÚRÓ tàbí OWÓ síwájú ẹ̀, ó tán. Tó bá jẹ́ PÍN, ti Ògbómọ̀ṣọ́ á jáde lọ́la Ẹtì, ti Òkò àti Ìrẹsà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ti Ọ̀yọ́ á bá ọkọ̀ gáréèjì lọ ní Ajé, dírẹ́bà á pè yín. Ẹni tí ò bá tíì fèsì, ìpín ẹ̀ á wà nílẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, a ò ní fún ẹlòmíì. Tó bá sì di ọjọ́ 3 oṣù kẹrin tí kọntéénà ò tíì dé Tákíé, èmi fúnra mi ni màá máa pè yín níkọ̀ọ̀kan láti bi yín bóyá kí n dá owó yín padà.

Ọ̀rọ̀ kan kù. Fáànù méjì wà tá a gbé síta ṣọ́ọ̀bù fún àwọn èèyàn láti wò, mi ò kà á mọ́ 54 yẹn. Ẹni tó bá ní ọmọ tuntun nílé tàbí aláìsàn tí ooru ń dà láàmú nínú ẹ̀yin onípáálí tàbí onígílóòbù, kó pè mí tààrà, kó má fi ránṣẹ́ sáwọn ọmọ. Màá gbé e fún un kó máa lò ó títí tiẹ̀ á fi dé, kò ní san nǹkan kan.

Ìyá Ìbejì, Tákíé