Owó Oṣù Àkànbí

Àkànbí gba ₦90,000, owó oṣù àkọ́kọ́ rẹ̀ ní ilé ìtẹ̀wé kan ní Mọ́kọ́lá. Kò pẹ́ tó fi dé Gbági, ó ra aṣọ ẹbí ₦35,000. Bàtà tẹ̀lé e, súyà lálaalẹ́, ọ̀kadà síbi tí ẹsẹ̀ lè dé. Oṣù ò tíì parí tó fi ku ₦1,800.

Ó bẹ ìyá alámàlà kó ta àwìn fún òun. Ìyá náà rọ́ gbẹ̀gìrì àti ewédú lé àmàlà, kò fi ẹran sí i.

"Owó èlùbọ́ mi lo ń jẹ yìí o. Lọ́la, mú ìwé wá."

"Ẹ ṣé, mà."

Wọ́n jọ kọ bí yóò ṣe ná owó oṣù tó ń bọ̀ sílẹ̀: oúnjẹ ₦30,000, ọkọ̀ ₦15,000, owó ilé ₦10,000, ti ìyá rẹ̀ ₦10,000, àjọ ₦15,000. ₦10,000 tó kù ni fàájì.

Nígbà tí owó wọlé, gbèsè àmàlà ló kọ́kọ́ san. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ pè nítorí aṣọ ẹbí mìíràn.

"Màá wá," ni Àkànbí wí, "ṣùgbọ́n èyí tí mo ní nílé ni màá wọ̀."