Ta ló kù tí a bá bọ́ gbogbo ẹ̀ kúrò? Búdà àti Upaniṣádì lórí ọ̀rọ̀ "èmi"

Tí wọ́n bá ń fi ẹ̀sìn Búdà wé ti Híńdù, ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ ni pé Híńdù ní átímánì, ìyẹn "èmi" gidi tó wà nínú èèyàn tí kì í yí padà, wà, Búdà ní kò sí, ó parí. Kò parí o. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Fakagótà bi Búdà gan-an pé ṣé átímánì wà, Búdà dákẹ́, ó ní ṣé kò sí ni, Búdà tún dákẹ́, ọkùnrin náà bá tiẹ̀ lọ. Nígbà tí Ànándà, ọmọ ẹ̀yìn Búdà, béèrè ìdí, Búdà ní tóun bá ní ó wà, òun ti gbè sẹ́yìn àwọn tó ní nǹkan kan wà nínú èèyàn tí kì í kú, tóun bá sì ní kò sí, ọkàn Fakagótà á tún dàrú sí i, á máa rò pé ohun tóun ní tẹ́lẹ̀ ló ti sọnù. Torí náà ẹ jẹ́ ká rọra.

Upaniṣádì, àwọn ìwé mímọ́ àtijọ́ kan ti Híńdù, ló ṣáájú. Nínú èyí tí wọ́n ń pè ní Ṣandógíà, Ṣifetakétù lọ kàwé fún ọdún 12, ó dé tìgbéraga-tìgbéraga, bàbá ẹ̀, Udaláka, wá ní kó da iyọ̀ sómi kó padà wá láàárọ̀. Ilẹ̀ mọ́, bàbá ní gbé iyọ̀ yẹn wá, ọmọ wá a tì. Bàbá ní tọ́ omi yẹn wò lókè, iyọ̀, tọ́ ọ wò láàárín, iyọ̀, tọ́ ọ wò nísàlẹ̀, iyọ̀ náà ni. Ó ní bẹ́ẹ̀ lohun tó jẹ́ òótọ́ ṣe wà níbí tó ò rí i, òun ni átímánì, ìwọ gan-an nìyẹn, Ṣifetakétù.

Amòye kan tó ń jẹ́ Yajinafálíkíà ní tiẹ̀, nínú Upaniṣádì míì tó ń jẹ́ Bríhádáránìákà, tó bá kan ohun tí átímánì jẹ́, ó máa ń sọ pé kì í ṣe èyí, kì í ṣe èyí, torí òun ló ń mọ gbogbo nǹkan, kí la wá fẹ́ fi mọ òun fúnra ẹ̀?

Ibi tó dùn nìyí. Nígbà tí Búdà ń kọ́ àwọn ọmọ ẹ̀yìn márùn-ún àkọ́kọ́ lẹ́bàá ìlú Faranásì ní Íńdíà, "kì í ṣe èyí" lòun náà ń sọ! Ó mú ara, ó mú ìmọ̀lára, ó mú bí a ṣe ń dá nǹkan mọ̀, ó mú èrò àti ìfẹ́ inú tó ń tì wá ṣe nǹkan, ó ní tí ọ̀kan nínú wọn bá jẹ́ èmi ni, kò ní máa yọ mí lẹ́nu, màá lè pàṣẹ fún un pé báyìí ni kó o rí. Ta ló lè pàṣẹ fún ara ẹ̀ pé kó má ṣàìsàn? Àwọn kan ní àríyànjiyàn yìí ò kan átímánì torí átímánì kì í ṣiṣẹ́ kankan, ó kàn ń wò ni, àmọ́ Bríhádáránìákà yìí kan náà ló pè é ní ẹni tó ń darí látinú, nítorí náà mo gbà pé ó kàn án dáadáa.

Ṣùgbọ́n ìkarùn-ún tó kà mọ́ wọn ni ìjà wà: mímọ̀ fúnra ẹ̀. Ohun tí Yajinafálíkíà fi sílẹ̀ pé a ò lè bọ́ kúrò, Búdà kà á mọ́ ohun tó yẹ ká bọ́. Sátì, mọ́ńkì kan tó jẹ́ ọmọ apẹja, ń sọ kiri pé mímọ̀ kan náà ló ń ti ayé kan bọ́ sí òmíràn láìyí padà, Búdà pè é, ó bá a wí gidigidi níwájú àwọn yòókù. Ó ní bí iná tó ń jó igi ṣe jẹ́ iná igi, tí èyí tó ń jó koríko jẹ́ iná koríko, bẹ́ẹ̀ ni mímọ̀ ojú ṣe ń wáyé nígbà tí ojú bá pàdé ohun tó ń rí, ti etí náà lọ́tọ̀. Kò sí iná kan tó dúró síbì kan tó ń retí igi.

Mi ò mọ èsì tí Upaniṣádì lè fún ìyẹn láìjẹ́ pé ó tún ọ̀rọ̀ ẹ̀ sọ. Ṣánkárà, onímọ̀ Híńdù kan, ló wá rí ibi tó ki ọwọ́ bọ̀, ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà: ó ní tí mo bá ní "mo rí i lánàá, mo tún ń rí i lónìí," ẹni tó rí i lánàá gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó ń rántí lónìí, torí kò sẹ́ni tó lè rántí ohun tí ojú ẹlòmíràn rí. Àwọn ẹlẹ́sìn Búdà á mú ohun tí Nagaséna, mọ́ńkì wọn kan, sọ fún Ọba Milínda wá, pé fìtílà tó jó mọ́jú, iná ìdájí kì í ṣe ti ìrọ̀lẹ́, kì í sì í ṣe òmíràn. Ìyẹn ṣàlàyé ìdí tí kámà, ìyẹn èrè ìwà èèyàn, fi ń tẹ̀ lé e dáadáa. Ní ti ìrántí, lójú tèmi, ó ṣàlàyé bí àpá àná ṣe dé inú òní, kò tíì ṣàlàyé ìdí tí mo fi ń rí àpá náà bí tèmi, àfi tí wọ́n bá fi kún un pé "tèmi" yẹn gan-an wà lára èrò tí Búdà ti ní ká bọ́ sílẹ̀, mo sì rò pé ohun tó yẹ kí wọ́n sọ nìyẹn, kí wọ́n sì dúró tì í.