Ìròyìn Ìṣẹ̀lẹ̀ Ààbò Íméèlì: Línkì Ẹ̀tàn ní Ẹ̀ka Ìṣírò Owó, Ọ́fíìsì Ògbómọ̀ṣọ́

Sí: Alága àti Ìgbìmọ̀ Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù

Bí a ṣe mọ̀: Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 9:40, akọ̀wé owó gba íméèlì tó ní bánkì fẹ́ ti àkáǹtì ẹgbẹ́ pa. Ó tẹ línkì inú rẹ̀, ó sì kọ páásíwọ́ọ̀dù íméèlì rẹ̀ síbẹ̀. Ní 11:25, ọmọ ẹgbẹ́ kan pè é láti Tákíé: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé lóòótọ́ lẹ yí nọ́ńbà àkáǹtì padà?" Ojú ẹsẹ̀ ni akọ̀wé náà pè wá. Kò fi pamọ́, ó sì yẹ kí a yìn ín.

Ibi tó dé: Àpótí íméèlì kan ṣoṣo. A bá ìlànà kan nínú ètò rẹ̀, orúkọ rẹ̀ kò ju "." lọ (ojú tó bá yára á pè é ní ìdọ̀tí ojú gíláàsì), tó ń darí lẹ́tà tó bá mẹ́nu ba owó síta. Lẹ́tà ayédèrú lọ bá ọmọ ẹgbẹ́ 14. Fáìlì orúkọ àti fóònù ènìyàn 212 wà níbẹ̀. A gbà pé àwọn oníjìbìtì náà ti rí i. Owó kankan kò jáde.

Ohun tí a ṣe: A yọ kọ̀ǹpútà náà kúrò lórí wáyafáì ní 11:30. Láti orí ẹ̀rọ mìíràn, a pààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù, a sì lé gbogbo ẹ̀rọ tó ti wọlé jáde, nítorí ìpààrọ̀ nìkan lè má lé wọn. A pa ìlànà náà rẹ́, a tan ìjẹ́rìísí onígbèésẹ̀ méjì, a sì pe àwọn 14 náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Òfin Ìdáàbòbò Détà ọdún 2023 fún wa ní wákàtí 72 láti fi tó Àjọ tó ń rí sí ìdáàbòbò détà létí. Kí Alága buwọ́ lu lẹ́tà sí Àjọ náà lónìí.