Owó ìnáwó wẹ́wẹ́: bí ètò ímpírẹ́ẹ̀sì ṣe ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì wa

Àbúrò mi, láti ọjọ́ Ajé, ọwọ́ rẹ ni kọ́kọ́rọ́ àpótí owó yóò wà. Jọ̀ọ́, fara balẹ̀ ka èyí kí o tó gbà á.

Ímpírẹ́ẹ̀sì ni pé a dá iye owó kan sí fún ìnáwó wẹ́wẹ́. Ní ọ́fíìsì Ìbàdàn yìí, ₦50,000 ni. Tí oṣù bá parí, iye tí o ná gan-an ni a ó fi dí i, kì í ṣe ₦50,000 mìíràn. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ akọ̀wé tuntun ti máa ń ṣì í.

Ìgbàkígbà tí a bá ṣí àpótí náà, owó inú rẹ̀ àti àpapọ̀ fáúṣà, ìyẹn ìwé ẹ̀rí owó tí o ti san, gbọ́dọ̀ jẹ́ ₦50,000. Wo oṣù Òkúdù:

Ọjọ́ 2: bébà ìtẹ̀wé, ₦8,000
Ọjọ́ 4: ọkọ̀ lọ sí Sẹkitéríàtì, ₦3,400
Ọjọ́ 9: epo jẹnẹrétọ̀, lítà 12 ní ₦950, ₦11,400
Ọjọ́ 13: ọṣẹ àti tíṣù, ₦4,650
Ọjọ́ 17: ọkọ̀ lọ sí báńkì, ₦2,800
Ọjọ́ 20: omi mímu, ₦1,600
Ọjọ́ 24: fọ́tókọ́pì, ₦5,200

Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦37,050, nítorí náà ₦12,950 ló kù. Nínú ìwé, o ó tún pín in: bébà àti fọ́tókọ́pì ₦13,200, ọkọ̀ ₦6,200, epo ₦11,400, ìmọ́tótó àti omi ₦6,250. Ro ìpín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀. Tí kò bá jẹ́ ₦37,050, o ti kọ nǹkan kan síbi tí kò yẹ.

Kó àwọn fáúṣà wá fún mi. Ọ̀gá yóò fọwọ́ sí sọ̀wédowó ₦37,050, àpótí á sì padà sí ₦50,000. Nínú lẹ́jà, ìyẹn ìwé àkáǹtì gbogbo ọ́fíìsì, àwọn ìnáwó yìí la ó kọ sí dẹ́bíìtì, báńkì sí kírẹ́díìtì. Àkáǹtì owó wẹ́wẹ́ fúnra rẹ̀ kò yí padà.

Má ṣe san kọ́bọ̀ láìsí fáúṣà tó ní nọ́ńbà, ọjọ́, ìdí, àti ìbuwọ́lù ẹni tó gba owó àti ẹni tó fàṣẹ sí i. So rìsíìtì mọ́ ọn. Ọlọ́kadà kì í já rìsíìtì fúnni, nítorí náà kí ẹni tó gùn ún kọ ibi tó lọ àti iye tó san, kí ó sì buwọ́ lù ú. Ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀gá yòówù tó bá ní kí o yá òun níbẹ̀, bẹ̀ ẹ́ kí ó wá bá mi.

Bí owó bá dín, ká ní ₦12,650 lo bá dípò ₦12,950, má fi owó àpò rẹ dí i. Mo ti rí ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí owó oṣù rẹ̀ fi ń lọ síbẹ̀. Kọ ₦300 náà sílẹ̀ pé ó dín, kí o sì sọ fún mi lọ́jọ́ náà gan-an. Ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo ọjọ́ Ẹtì, ka owó náà kí o tó ti àpótí, kí o kọ iye rẹ̀ sínú ìwé. Èmi náà á máa wá kà á láìsọ tẹ́lẹ̀. Má jẹ́ kí ó dùn ọ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kà á lọ́wọ́ tèmi náà.