Ẹ̀bẹ̀ láti sún ọjọ́ ìdánwò àfẹnusọ mi síwájú nítorí àìsàn (EDU/YOR/22/0147)

Sí: Akọ̀wé, Ìgbìmọ̀ Ìdánwò, Ẹ̀ka Ẹ̀kọ́ Èdè Yorùbá
Ẹ̀dà: Olùkọ́ tó ń bójú tó Lítíréṣọ̀ Alohùn
Ọjọ́: Mọ́ńdè, ọjọ́ 7, oṣù Keje, ọdún 2025

Alàgbà,

Ẹ kú iṣẹ́ ìdánwò, ẹ sì kú làálàá rẹ̀. Orúkọ mi ni Adérónkẹ́ Òjó, akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹta. Mo kọ̀wé láti bẹ Ìgbìmọ̀ pé kí ẹ jọ̀wọ́ bá mi sún ìdánwò àfẹnusọ mi nínú Lítíréṣọ̀ Alohùn síwájú. Ọjọ́ tí ẹ fún mi ni Tọ́sìdeè, ọjọ́ 10 oṣù yìí, ní aago mẹ́wàá àárọ̀. Ọjọ́kọ́jọ́ tó bá rọ̀ yín lọ́rùn láàárín Mọ́ńdè ọjọ́ 21 sí Fúráìdè ọjọ́ 25 ni mo ń tọrọ, kí ìdánwò alákọsílẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 28. Orí ibùsùn ilé ìwòsàn ni mo wà bí mo ṣe ń kọ ọ́.

Àìsàn fòníkúfọ̀ladìde ni wọ́n bí mi mọ́. SS ni ẹ̀jẹ̀ mi. Láti ìgbà tí mo ti wọ ilé ẹ̀kọ́ yìí, n kò tíì fi í tọrọ ohunkóhun lọ́wọ́ ẹ̀ka wa. Nígbà tí ó bá dé, ilé ni mo máa ń fara dà á sí, pẹ̀lú omi púpọ̀ àti oògùn ìrora, ọjọ́ méjì sí mẹ́ta á sì ti kọjá. Ti ọ̀tẹ̀ yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ Fúráìdè, ọjọ́ 4, òjò ká mi mọ́ ojú ọ̀nà bí mo ṣe ń ti yàrá ìkàwé bọ̀. Mo yára pààrọ̀ aṣọ, mo mu omi gbígbóná, mo lo oògùn, mo sì fi aṣọ bora. Nígbà tí yóò fi di aago méjì òru, ẹ̀yìn àti ìhà mi ti ń ro mí bí ẹni tí wọ́n ń fi ọmọ odó gún. Ilẹ̀ ọjọ́ Sátidé mọ́, n kò lè mí kanlẹ̀ mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló gbé mi dé ilé ìwòsàn, wọ́n sì dá mi dúró lójú ẹsẹ̀.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ìrora lásán ni àìsàn yìí, pé bí ó bá ti lọ, ó ti tán nìyẹn. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn ẹ̀jẹ̀ pupa tó yẹ kó rí roboto á tẹ̀ bí dòjé, wọn á há sínú àwọn iṣan tóóró, ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò bá sì dé, afẹ́fẹ́ kò ní í débẹ̀. Nígbà tó bá wá jẹ́ inú ẹ̀dọ̀fóró ni wọ́n há sí, àwọn dókítà kì í fi í ṣeré rárá. Ibẹ̀ gan-an ni tèmi dé. Ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ mi, tó máa ń wà ní ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún nígbà tí ara mi bá dá, ti wálẹ̀ sí 18. Wọ́n ti fa àpò ẹ̀jẹ̀ méjì sí mi lára, wọ́n sì fi rọ́bà afẹ́fẹ́ sí mi nímú títí di àárọ̀ yìí. Dókítà ní bí gbogbo rẹ̀ bá lọ déédéé, òun lè jẹ́ kí n máa lọ sílé ní Fúráìdè, ọjọ́ 11, ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ sinmi fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko lẹ́yìn rẹ̀.

Bó bá jẹ́ pé ìdánwò tí a ń fi bírò kọ ni, bóyá ǹ bá tọrọ kí wọ́n gbé e wá bá mi níbí. Ẹkún ìyàwó ni mo yàn. Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ wa lẹ mọ̀ jù mí lọ pé èémí ni ẹkún ìyàwó. Ohùn á gùn, á máa gbọ̀n, á sì balẹ̀ síbi tó yẹ kó balẹ̀ sí. Ẹni tí kò bá ní èémí kò lè sun ún. Mo dán an wò ní àná. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ìyàwó ti ń dágbére fún ìyá rẹ̀. N kò tíì dé ìlà kẹta tí ikọ́ fi gbé mi, nọ́ọ̀sì sì sáré wá, ó ní kí n dákẹ́. Òru ọjọ́ náà ni mo mọ̀ pé n kò lè wá síwájú yín báyìí ní Tọ́sìdeè.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé iṣẹ́ ni n kò tíì ṣe. Oṣù méjì ni mo fi ń lọ sí Ìsẹ́yìn lọ́dọ̀ ìyá bàbá mi, tó sun ẹkún ìyàwó fúnra rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń mú un lọ sílé ọkọ. Mo gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, mo dà á kọ, mo sì fi àmì ohùn sí gbogbo rẹ̀. Ojú ìwé mẹ́rìnlélógún ni. Mo ti so ó mọ́ ìwé yìí lónìí, kí ó wà lọ́wọ́ Ìgbìmọ̀ kí ọjọ́ ìdánwò tó pé, n kò sì ní í fi ọ̀rọ̀ kan kún un mọ́. Èémí nìkan ló kù.

Mo mọ̀ pé ọjọ́ 10 àti 11 nìkan ni olùdánwò tó ń ti ìta bọ̀ yóò fi wà pẹ̀lú yín. Bí kò bá rọrùn fún un láti padà wá, mo fara mọ́ ọn kí àwọn olùkọ́ wa gbọ́ mi, kí a sì ká a sílẹ̀ ní fídíò fún un. Mo ṣetán fún yàrá àti aago èyíkéyìí. Ohun tí n kò tọrọ ni kí ẹ yọ̀ǹda mi pátápátá, tàbí kí ẹ fi máàkì iṣẹ́ mìíràn dípò rẹ̀. Mo fẹ́ sun ẹkún náà.

Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ jọ̀wọ́ ẹ dá mi lóhùn kó tó di Tọ́sìdeè, kí wọ́n má baà kọ ọ́ síwájú orúkọ mi pé n kò wá. Bí wọ́n bá kọ ọ́, ọdún kan gbáko ni yóò dá mi dúró lórí kọ́ọ̀sì kan ṣoṣo.

Ìwé dókítà, èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti káàdì ìdánwò mi wà pẹ̀lú ìwé yìí. Ẹ̀gbọ́n mi yóò mú ojúlówó wọn wá sí ọ́fíìsì yín ní àárọ̀ ọ̀la. Mo sì bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ mi dúró láàárín Ìgbìmọ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kò mọ̀ nípa rẹ̀, n kò sì fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Bí ẹ bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, fóònù mi wà ní títàn láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ lọ. Ẹ jọ̀wọ́ ẹ má ṣe bínú bí ẹ bá rí àṣìtẹ̀: ọwọ́ òsì nìkan ni mo fi tẹ̀ ẹ́, nítorí abẹ́rẹ́ omi wà ní ọ̀tún.

Mo dúpẹ́ púpọ̀ lọ́wọ́ yín.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Adérónkẹ́ Òjó