Ìlà Igun Fèrèsé

"Ẹnjiníà, pílásítà lásán ni. Ẹ jẹ́ ká dí i." Bàbá bíríkìlà ti po símẹ́ǹtì sílẹ̀.

Ẹnjiníà kò dáhùn. Ó fi ìka tọ ìlà tó sán lára ògiri náà láti igun fèrèsé. Ó ń gun òkè bí àtẹ̀gùn láàárín búlọ́ọ̀kù: ó fẹ̀ ní mílímítà 2 nísàlẹ̀, 6 lókè. Pílásítà tó tètè gbẹ a máa sán wẹ́wẹ́ káàkiri ni. Ó fi símẹ́ǹtì lẹ gíláàsì pélébé lé e. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, gíláàsì ti dá sí méjì: ògiri ṣì ń yẹ̀.

Ó fi rọ́bà omi wọn bí ilé ṣe tẹ́jú sí yí ká. Igun ẹ̀yìn ti rì ní mílímítà 18.

Wọ́n gbẹ́lẹ̀ níbẹ̀. Lábẹ́ ìpìlẹ̀, ilẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ. Sọ́kèwéè kò sì ju mítà kan àbọ̀ lọ síbẹ̀.

"Bàbá, kí lẹ dà sábẹ́ kọ̀ǹkéré yìí?"

"Òjò ti kún kòtò lọ́jọ́ náà. A kàn da yanrìn lé ẹrẹ̀."

"Ṣé ẹ lù ú kó le?"

Bàbá wolẹ̀.

"Ẹ kó símẹ́ǹtì yẹn kúrò. A máa kọ́kọ́ gbé sọ́kèwéè jìnnà, ká tó máa gbẹ́ abẹ́ ìpìlẹ̀ ní mítà kọ̀ọ̀kan, ká máa fo ọ̀kan, ká sì máa ro kọ̀ǹkéré sí i. Ẹ má gbẹ́ méjì tó fara kanra lẹ́ẹ̀kan náà o."